Ọwọ́ gígùn tó dúró sí 12 kò bàjẹ́

*"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn, mo sì máa ń lọ sí Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìyàwó mi tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lálaalẹ́ ní Hiúsítọ̀n fi aago ọwọ́ kan ránṣẹ́ sí mi. Ọwọ́ gígùn àárín rẹ̀ kì í rìn, 12 ló dúró sí. Ojú kékeré mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ọwọ́ pupa kan tún wà tó ń yọ́ rìn bí ìgbín, nọ́ńbà 400, 200, 120 sì yí etí rẹ̀ ká. Ṣé aago yìí ti bàjẹ́ ni? Ṣé mo lè fi mọ ìgbà tó yẹ kí n pe ìyàwó mi láìjí i lójú oorun? Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀ nínú oṣù Kejì."*

Ẹ má tíì gbé e lọ fún ẹnikẹ́ni kó tú u. Ẹ gbé aago náà sún mọ́ ojú, kí ẹ wo ojú kékeré tó wà lápá òsì, níbi tó yẹ kí nọ́ńbà 9 wà. Ọwọ́ tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń yí, ara aago yín le koko. Ọwọ́ kékeré yẹn ló ń ka ìṣẹ́jú àáyá fún aago ojoojúmọ́. Ọwọ́ gígùn àárín kò sí lára aago ojoojúmọ́ rárá. Ti kronógíráàfù ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka bí nǹkan kan ṣe pẹ́ tó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń dúró de ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnì fún un.

Mo tètè sọ èyí nítorí ohun tí ojú mi ti rí. Oníbàárà kan gbé irú aago yìí wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti tú u níbòmíràn. Ẹni tó tú u rí i pé ọwọ́ àárín kò rìn, ó gbà pé ó ti kú, ó fà á yọ, ó sì tún un tẹ̀ padà. Aago náà kò ní àrùn kankan kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ mi, ọwọ́ náà kì í padà sórí 12 mọ́, ìṣẹ́jú àáyá 3 ló ń dúró sí, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé láti ẹ̀yìn sì ti ya. Ọjọ́ méjì ni mo fi tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ohun tó ń da èèyàn láàmú nínú aago bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọwọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ìlà nọ́ńbà pọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ka ìlà tó jẹ́ ti òmíràn, irọ́ ni ẹ ó kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago náà kò purọ́. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni pé kí wọ́n mú ọwọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bi í pé: ìlà wo ni tìẹ? Ọwọ́ wákàtí àti ọwọ́ ìṣẹ́jú tí ẹ ti mọ̀ láti kékeré wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wà. Ẹ fi àwọn yẹn sílẹ̀, kí a gbé àwọn tó kù yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kronógíráàfù. Bọ́tìnì méjì wà lápá ọ̀tún aago, ọ̀kan lókè orí tí a fi ń yí i, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ti òkè ló ń gbéra, òun náà ló ń dáni dúró. Bí ẹ bá tún un tẹ̀, kíkà náà á máa lọ láti ibi tó ti dúró. Ti ìsàlẹ̀ ló ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí òfo. Ẹ má tẹ ti ìsàlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ gígùn bá ṣì ń sáré. Àwọn aago kan wà tí wọ́n dìídì ṣe kí wọ́n lè gba èyí, ṣùgbọ́n nínú èyí tó pọ̀ jù, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá a dúró. Bí bọ́tìnì náà bá kọ̀ láti wọlé, ẹ má fi tipátipá tì í, eyín kékeré kan ló dí i lọ́nà nínú lọ́hùn-ún, agbára ìka yín sì lè ṣẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ yín gan-an dára láti fi kọ́ ọ. Ẹ pín ìwé ìdánwò fún àwọn ọmọ kíláàsì, ẹ tẹ bọ́tìnì òkè. Ọwọ́ gígùn gbéra. Bó bá yí ká lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú kan ti pé, ọwọ́ inú ojú kékeré òkè á sì sún sí 1. Ojú kékeré òkè yìí ló ń ka ìṣẹ́jú. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ dáadáa: nínú ọ̀pọ̀ aago tó ní ojú kékeré lókè, lápá òsì àti nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, 30 ni nọ́ńbà náà parí sí, kì í ṣe 60. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló máa yí ká kí wákàtí kan tó pé. Ojú kékeré ìsàlẹ̀ ló ń ka wákàtí, ó sì parí sí 12.

Ọmọ kan parí, ó gbé ìwé rẹ̀ wá. Ẹ tẹ bọ́tìnì òkè, gbogbo wọn dúró. Ẹ wò ó: ọwọ́ ìsàlẹ̀ wà láàárín 1 àti 2, ọwọ́ òkè wà lórí 17, ọwọ́ gígùn wà lórí 22. Báwo ni ọmọ náà ṣe pẹ́ tó?

Ẹni tó bá kánjú á ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú àáyá 22. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì tún lè jẹ́ wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 47, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ òkè ń dé orí 17 nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ìsàlẹ̀ ló máa parí ìjà yẹn. Ẹ wo bóyá ó ti kọjá ìdajì ààyè tó wà láàárín 1 àti 2. Àwọn tó ṣe aago sábà máa ń fa ìlà kúkúrú kan sí ìdajì yẹn, ìdí tí wọ́n sì fi fà á nìyí. Bí ọwọ́ ìsàlẹ̀ kò bá tíì dé ìlà náà, 17 tí ẹ rí lókè, 17 náà ni. Bó bá ti kọjá rẹ̀, ẹ fi 30 kún un. Nínú àpẹẹrẹ tiwa yìí, ọwọ́ ìsàlẹ̀ ti fi ìlà náà sílẹ̀ dáadáa, ó ti ń sún mọ́ 2. Wákàtí 1, ìṣẹ́jú 47 àti ìṣẹ́jú àáyá 22 ni ọmọ náà lò. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko ni ẹni tó kánjú ì bá fi ṣì í kà.

Ibòmíràn tó tún máa ń tan ojú jẹ ni ìgbà tí ìṣẹ́jú kan bá fẹ́ pé. Nínú aago kan, ọwọ́ òkè máa ń fò lẹ́ẹ̀kan náà bó ṣe ń dé 60. Nínú òmíràn, díẹ̀díẹ̀ ló ń sún, débi pé bí ẹ bá dá a dúró nígbà tí ọwọ́ gígùn wà lórí 57, ọwọ́ òkè á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí 18. Ẹ má kà á sí 18. Ìṣẹ́jú kejìdínlógún kò tíì pé, ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú àáyá 57 ni. Bí ọwọ́ méjèèjì kò bá fẹ́ gbà fún ara wọn, ọwọ́ gígùn ni kí ẹ gbàgbọ́.

Bí ẹ bá ti kà á tán, ẹ tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ padà sílé. Mo mọ àwọn tó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ gígùn sáré tọ̀sán-tòru nítorí pé ó wù wọ́n lójú. Èmi kò fara mọ́ ọn. Nínú aago oníbátìrì, bátìrì á tètè tán. Nínú aago onísípíríǹgì, agbára tó yẹ kó gbé aago dé ọjọ́ kejì ni yóò máa jẹ. Lẹ́yìn tí ẹ bá dá a padà, ẹ wo ọwọ́ gígùn: ṣé orí 12 gan-an ló dúró sí? Bó bá yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nínú ọ̀pọ̀ aago oníbátìrì ẹ lè fa orí aago jáde kí ẹ máa tẹ bọ́tìnì kan títí yóò fi bọ́ sí 12. Ìwé tó bá aago wá á sọ èyí tí ẹ máa tẹ̀. Ti onísípíríǹgì, ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ló kàn. Ẹ má fojú kéré ìyàtọ̀ yẹn, nítorí ohun tó kàn báyìí kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa bí ọwọ́ gígùn kò bá gbéra láti 12.

Nọ́ńbà tó yí etí aago ká ni wọ́n ń pè ní takimítà. Ọwọ́ gígùn nìkan ló ń kà á. Eré ni wọ́n fi ń mọ̀, ìyẹn iye kìlómítà tí nǹkan ń sá nínú wákàtí kan, ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 3,600 ló wà nínú wákàtí kan. Bí ọkọ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá 30 sá kìlómítà kan, ẹ pín 3,600 sí 30, ẹ ó rí 120. Ìdí nìyí tí 120 fi wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọwọ́ gígùn ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Ní ìṣẹ́jú àáyá 15, 240 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ní 60, 60 ni. Wọ́n ti bá yín pín in tán, wọ́n sì kọ ìdáhùn sí ojú ibi tí ọwọ́ máa dúró sí. Lọ́dún 1957 ni ilé iṣẹ́ Ọmẹ́gà gbé ìlà yìí kúrò lójú aago lọ sórí òrùka ìta nínú aago wọn tó ń jẹ́ Spíìdìmásítà, kí ó lè rọrùn láti kà, ibẹ̀ ni ẹ sì ti ń rí i lára ọ̀pọ̀ aago títí dòní.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sí Èkó, ẹ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kí ẹ lè rí òǹkà kìlómítà tó wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń wakọ̀, ẹ má dán an wò. Ojú tó ń wo ọ̀nà kò gbọdọ̀ tún máa wo ọwọ́ aago. Ẹ dúró di ìgbà tí ọ̀nà bá já gaara, tí ọkọ̀ sì ń sáré déédéé. Bí nọ́ńbà ìkẹyìn lára òǹkà náà ṣe ń yí padà báyìí, ẹ tẹ bọ́tìnì òkè. Nígbà tó bá tún yí padà pẹ̀lú kìlómítà kan gbáko, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ṣọ́ra o: bí òǹkà náà bá ní nọ́ńbà kan lẹ́yìn àmì, ìdámẹ́wàá kìlómítà ni nọ́ńbà yẹn ń kà. Tó bá wà lórí 4 nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró kó tún padà dé orí 4.

Ká ní ọwọ́ gígùn dúró sí ìṣẹ́jú àáyá 34. Ẹ má wo 34 yẹn mọ́. Ẹ tọ orí ọwọ́ náà jáde lọ sí etí aago, ẹ ó rí i pé ó wà láàárín 110 àti 100, ó sì ti kọjá ìdajì ọ̀nà díẹ̀ bó bá kúrò ní 100 lọ sí 110. Nǹkan bí 106 nìyẹn. Bọ́ọ̀sì èrò ni ẹ wọ̀, òfin Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sì fún bọ́ọ̀sì ní 90 lórí ọ̀nà márosẹ̀, ó fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní 100. Awakọ̀ yín ti kọjá ààyè rẹ̀. Ẹ lè fi nọ́ńbà méjì pere sọ́kàn: 90 wà ní ìṣẹ́jú àáyá 40, níbi tí 8 wà lójú aago, 100 sì wà ní ìṣẹ́jú àáyá 36. Bí bọ́ọ̀sì bá ti parí kìlómítà kan kí ọwọ́ gígùn tó dé ibi tí 8 wà, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ má rò pé 106 yẹn péye bí òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn. Bí ìka yín bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ tàbí yá, ẹ ó ka nǹkan bí 103 tàbí 109. Bí eré bá ṣe pọ̀ tó ni àṣìṣe náà ṣe ń le tó, ẹ sì lè fi ojú rí i: ní apá ọ̀tún aago, nọ́ńbà ń fò láti 400 sí 300 sí 240 láàárín ìwọ̀n ìka kan, ṣùgbọ́n ní apá òsì, láti 120 dé 60, wọ́n tò ní ṣíṣẹ̀ǹtẹ̀lé pẹ̀lú ààyè. Apá òsì yìí ni eré ọkọ̀ wa wà, orí sì bá wa ṣe é. Lẹ́yìn náà, ohun tí ẹ kà jẹ́ eré gbogbo kìlómítà yẹn pa pọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì ní àárín rẹ̀ fún kòtò kan, kò ní jẹ́ eré tó ń sá nígbà tí ẹ wò ó.

Ibi tí takimítà ti máa ń ti èèyàn ṣubú ni gó-síló. Ẹ dé ibi tí ọkọ̀ ti ń rọra lọ, kìlómítà kan sì gbà yín ní ìṣẹ́jú àáyá 75. Ọwọ́ gígùn ti yí ká lẹ́ẹ̀kan, ó ti tún rìn dé 15. Bí ẹ bá wo etí aago, 240 ni ẹ ó rí níbẹ̀! Ọkọ̀ tó ń rọra lọ báyìí ṣe máa sá 240? Eré gidi rẹ̀ ni 3,600 pín sí 75, ìyẹn 48. Takimítà kò mọ̀ ju ìyípo kan lọ, ohunkóhun tó bá lọ́ra ju 60 lọ kò sí lára rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ fi ìdajì kìlómítà wọ̀n ọ́n, ẹ ka nọ́ńbà tí ọwọ́ dúró sí, kí ẹ sì pín in sí méjì. Nínú gó-síló kan náà yẹn, ìdajì kìlómítà á gba ìṣẹ́jú àáyá 37 àti àbọ̀. Ọwọ́ gígùn á dúró síbi tí 96 yẹ kó wà, ẹ pín in sí méjì, 48 náà ló tún jáde.

Ní ọ̀dọ̀ ìyàwó yín, máìlì ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà, òpó kékeré tó ní nọ́ńbà sì wà létí àwọn ọ̀nà márosẹ̀ ńlá wọn ní máìlì kọ̀ọ̀kan. Bó bá fi aago yìí ka àkókò láti òpó kan sí èkejì, máìlì láàárín wákàtí ni takimítà máa sọ fún un láìsí ìṣirò mìíràn, nítorí ìlà náà kò mọ kìlómítà yàtọ̀ sí máìlì. Ohun tí ẹ bá kà lẹ́ẹ̀kan ló ń sọ iye ìgbà tó máa wọ inú wákàtí kan. Nítorí èyí, ìgbà tí mo rò pé ẹ máa lò ó jù kò kan ọkọ̀ rárá. Ẹ tẹ bọ́tìnì nígbà tí ẹ bá ṣí ìwé ìdánwò ọmọ kan láti máàkì, ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ bá kọ máàkì síwájú rẹ̀. Bó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 48, takimítà á fi 75 hàn. Ìwé 75 ni ẹ lè máàkì ní wákàtí kan bí ẹ kò bá sinmi, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ìwé 200 tó wà lórí tábìlì lè tán kí alẹ́ tó lẹ́.

Ó wá ku ọwọ́ pupa, èyí tó jẹ yín lógún jù.

Ọwọ́ pupa ń ka wákàtí ìlú kejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yí ká ní ọjọ́ kan, ìdajì eré ọwọ́ wákàtí tí a mọ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1959 ni ilé iṣẹ́ Rólẹ́ẹ̀sì ṣe irú rẹ̀ tó lókìkí fún àwọn awakọ̀ òfuurufú Páànù Ámù, tí wọ́n nílò kí wọ́n mọ aago méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má sì ṣi ọ̀sán mú fún òru. Ìlà tirẹ̀ ní nọ́ńbà 24, ẹ wá a lójú aago náà, ó sábà máa ń wà nínú òrùka takimítà, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń kéré. Lókè pátápátá ni 24 wà. Níbi tí 3 ojoojúmọ́ wà, 6 ni. Níbi tí 6 wà, 12 ni, ìyẹn ọ̀sán gangan. Níbi tí 9 wà, 18 ni, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí ojú yín kò bá rí nọ́ńbà kéékèèké náà dáadáa, ẹ wo nọ́ńbà ojoojúmọ́ tó sún mọ́ ọwọ́ pupa jù, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bó bá nà sí 4, 8 ni, aago mẹ́jọ àárọ̀. Bó bá nà sí 10, 20 ni, aago mẹ́jọ alẹ́. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ ni kí èèyàn rí ọwọ́ pupa níbi 4, kó sì rò pé aago mẹ́rin ni.

Kí ẹ tó tò ó, ẹ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Bí orí aago bá jẹ́ èyí tí wọ́n dè mọ́ ara rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí i tú. Lẹ́yìn náà ẹ fà á jáde ní ìpele kan, kì í ṣe dé òpin, kí ẹ sì rọra yí i. Nínú irú kan, ọwọ́ pupa ni yóò máa fò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí àwọn yòókù kò ní mira. Bí ẹ bá yí orí aago sí ọ̀nà kejì, ọjọ́ inú fèrèsé ni yóò máa yí padà. Irú yìí dára fún ẹni tó jókòó sílé bíi tiyín, tí ẹni tirẹ̀ wà lókèèrè. Nínú irú kejì, ọwọ́ wákàtí ojoojúmọ́ ló ń fò, ọwọ́ pupa á sì dúró síbi tó wà. Arìnrìn-àjò ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Bó bá jẹ́ òun ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ fa orí aago dé òpin, kí ẹ fi ọwọ́ pupa sí aago Hiúsítọ̀n pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó péye, kí ẹ tì í padà dé ìpele àárín, kí ẹ wá mú ọwọ́ wákàtí fò wá sí aago Ìbàdàn. Irú èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ má yí ọjọ́ padà láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́ta òru, nítorí eyín tó ń yí ọjọ́ ti wọnú ara wọn ní àkókò yẹn, wọ́n lè kán.

Ẹ tún kíyè sí ohun kan. Mo ti rí aago tí ọ̀kan nínú ojú kékeré rẹ̀ ní nọ́ńbà 24, tí ẹni tó rà á sì rò pé ìlú kejì ló ń kà. Bí ẹ bá yí aago ojoojúmọ́ tí ọwọ́ kékeré yẹn ń bá a lọ ní gbogbo ìgbà, tí kò sí ìpele tó lè dá rìn, àárọ̀ tàbí alẹ́ Ìbàdàn nìkan ló ń sọ. Kò lè gbé yín dé Hiúsítọ̀n. Ọwọ́ pupa tiyín, tó ti àárín jáde, kì í ṣe irú bẹ́ẹ̀.

Aago Nàìjíríà kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ti Hiúsítọ̀n ń yí. Láti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta, wákàtí 7 ni a fi ṣáájú wọn. Nínú oṣù tó kù, wákàtí 6 ni. Ní ọjọ́ méjèèjì yẹn nìkan ni ẹ nílò láti fọwọ́ kan ọwọ́ pupa: ẹ mú un fò síwájú ní wákàtí kan nínú oṣù Kẹta, ẹ dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan nínú oṣù Kọkànlá. (Bí ẹ bá ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fi ọwọ́ pupa ṣòfò lórí wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wa dọ́gba. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré la fi ṣáájú.)

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìyàwó yín. Ká ní ó ń wọṣẹ́ ní aago méje alẹ́, tó ń jáde ní aago méje àárọ̀, bí iṣẹ́ alẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe sábà máa ń rí níbẹ̀. Á délé, á wẹ̀, á jẹun, á sùn ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lórí ìlà 24, oorun rẹ̀ wà láti 9 dé 16, ìyẹn láti àárín 4 àti 5 ojoojúmọ́, gba ìsàlẹ̀ lọ, dé ibi tí 8 wà. Bí ọwọ́ pupa bá ti wà ní ìsàlẹ̀ aago báyìí, ó ń sùn. Ẹ kò nílò ìṣirò kankan. Nínú oṣù Kìíní, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, ọwọ́ pupa á wà lórí 10, oorun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọra ni. Àkókò tó dára ni aago méjì àbọ̀ ọ̀sán, nígbà tí ọwọ́ pupa wà láàárín 7 àti 8, tó ń jáde kúrò níbi iṣẹ́. Bí ẹ bá lè ṣàìsùn, aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ tún dára, ọwọ́ pupa á wà láàárín 16 àti 17, ó ti jí.

Ọjọ́ tó wà nínú fèrèsé aago, ti Ìbàdàn ni. Ọwọ́ pupa kò ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá jí ní aago mẹ́ta òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ rí ọwọ́ pupa lórí 20, alẹ́ ọjọ́ Ajé ló ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ ni pé ẹ ka wákàtí Ìbàdàn náà ní ọ̀nà 24. Bí nọ́ńbà ọwọ́ pupa bá ju tiwa lọ, bí 20 ṣe ju 3 lọ, àná ni wọ́n wà.

Nínú oṣù Kejì, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọ̀gànjọ́ òru ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní Hiúsítọ̀n nígbà tí aago méje bá lù ní Ìbàdàn. Ọwọ́ pupa á nà ṣánṣán sókè sí 24, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gígùn tó dúró sí 12. Bó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn, ó lójú ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láago nígbà náà.